Sítíìkì PS3 kan ní Sábọ̀: bọ́ọ̀dù tuntun, ìṣẹ́jú 8 PS4, àti ibi tí làágì sá pamọ́ sí

Ọjọ́ Ajé

Sítíìkì àkéèdì kan ló wọlé lónìí. Ó fẹ̀ tó àtẹ ẹlẹ́pà, ọ̀pá olórí róbótó wà lápá òsì, bọ́tìnnì mẹ́jọ wà lápá ọ̀tún, kéékèèké méjì sì wà lókè. PS3 ni wọ́n ṣe é fún. Ẹ̀gbọ́n tó gbé e wá ní ilé géèmù lẹ́bàá ọjà Sábọ̀ níhìn-ín ní Ìkòròdú, wọ́n sì ní àwọn oníbàárà tó ń ta géèmù ìjà Tekken 7 lórí PS4 ti yọ àwọn lẹ́nu pé páàdì ń dun àtàǹpàkò.

"Tòkunbọ̀ ni mo rà á, àbúrò. Ẹni tó tà á fún mi ní kò sóhun tó ṣe é. Mo fi í sí PS4, kò dá mi lóhùn."

Mo kọ́kọ́ fi í sí kọ̀ǹpútà alágbèéká, torí kọ̀ǹpútà kì í yan ọ̀rẹ́ bíi kónsóòlù. Ohunkóhun tó bá sọ̀rọ̀ láti inú USB, kọ̀ǹpútà á ní òun rí nǹkan, kódà bí kò bá mọ orúkọ rẹ̀. Kò rí nǹkan kan rárá. Mo tú ìdí sítíìkì náà, mo fi mítà tọ okùn USB rẹ̀ láti orí dé ìdí: wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló gún régé, fólítì 5 sì ń dé orí bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù gan-an ló ti kú. Ṣíìpù àárín rẹ̀ ń gbóná débi pé ìka ò ṣe é gbé lé e, kò sì sọ ohunkóhun jáde.

Kódà bí bọ́ọ̀dù yẹn bá wà láàyè, kò ní wúlò púpọ̀ fún wọn. PS4 kì í ka sítíìkì PS3 sí ohun ìdarí. Àwọn géèmù kan lórí PS4 ló gbé ọ̀nà tiwọn wá láti bá sítíìkì PS3 sọ̀rọ̀. Ilé iṣẹ́ Lab Zero ló kọ irú ètò bẹ́ẹ̀ fún Skullgirls 2nd Encore ní 2015, Street Fighter V náà sì ní tirẹ̀. Ṣùgbọ́n inú géèmù yẹn nìkan ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí o bá jáde sí ojú ìwé àkọ́kọ́ PS4, páàdì lo máa padà gbé.

Ohun tó mú kí iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ni pé ọ̀pá àti bọ́tìnnì ò mọ kónsóòlù kankan. Súìṣì lásán ni wọ́n: bí o bá tẹ̀ ẹ́, wáyà méjì á fara kanra, bí o bá fi í sílẹ̀, wọ́n á yà. Bọ́ọ̀dù nìkan ló ń sọ èdè PS3, PS4, Xbox tàbí Switch. Pààrọ̀ bọ́ọ̀dù, o ti pààrọ̀ kónsóòlù. Ọ̀pá inú rẹ̀ jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Sanwa, irú tí wọ́n ń pè ní JLF, ó sì le koko. Kò yẹ kí a torí ṣíìpù kan da ara rẹ̀ nù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun

Bọ́ọ̀dù tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ni Raspberry Pi Pico, èyí tí wọ́n fi ṣíìpù RP2040 ṣe. Ètò tí mo gbé sórí rẹ̀ ni GP2040-CE. Ọ̀fẹ́ ni, gbogbo ènìyàn ló sì lè wo inú rẹ̀. Bí a ṣe ń gbé e sórí Pico kò le: di bọ́tìnnì `BOOTSEL` ara rẹ̀ mú, fi okùn sí kọ̀ǹpútà, Pico á yọ bíi fílásì tó ń jẹ́ `RPI-RP2`, o sì máa ju fáìlì `.uf2` sínú rẹ̀. Yóò tún ara rẹ̀ tàn, ó parí.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń há sí ni okùn. Nínú okùn tí wọ́n ń tà káàkiri gáréèjì, púpọ̀ ló jẹ́ ti ṣáájì nìkan: wáyà iná méjì ló wà nínú wọn, méjì tó ń gbé ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Pico yóò gba iná, ṣùgbọ́n `RPI-RP2` ò ní yọ láé, o ó sì máa rò pé Pico ti bàjẹ́. Bí fóònù rẹ bá ń gba iná láti ara okùn kan àmọ́ tí kọ̀ǹpútà ò rí àwòrán inú fóònù náà, má ṣe fi okùn yẹn ṣe iṣẹ́ yìí.

Lẹ́yìn náà ni wáyà. Gbogbo súìṣì ló ní ẹsẹ̀ méjì. Ẹsẹ̀ kan nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo fi wáyà dúdú kan ṣoṣo so pọ̀ lọ sí gíráùndì Pico; ẹsẹ̀ kejì ló lọ sí ihò tirẹ̀ lára Pico. Bí ètò náà ṣe tò ó láti ilé wá nìyí, mi ò yí i padà:

```
GP2  Up        GP6   B1
GP3  Down      GP7   B2
GP4  Right     GP10  B3
GP5  Left      GP11  B4
```

Àwọn mẹ́rin tó kù lára mẹ́jọ náà wà ní GP8, GP9, GP12 àti GP13. Kéékèèké òkè méjèèjì, `S1` àti `S2`, wà ní GP16 àti GP17. Mo jó wáyà mọ́ Pico, ṣùgbọ́n mi ò jó ohunkóhun mọ́ bọ́tìnnì. Ẹnu wáyà tó ń wọ ẹsẹ̀ bọ́tìnnì ni mo lò, kí ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ bọ́tìnnì lọ́la lè fà á yọ láìwá áyọ̀nù. Fún bọ́tìnnì Sanwa, ẹnu wáyà tó fẹ̀ tó mílímítà 2.8 ni kí ẹ bèèrè. Ti bọ́tìnnì ẹ̀rọ àkéèdì àtijọ́ sábà máa ń jẹ́ 4.8, bí ẹ bá fi ìyẹn sí Sanwa, á máa mì, bọ́tìnnì á sì máa dákẹ́ nígbà tó bá wù ú.

Ọ̀pá JLF ní wáyà márùn-ún: mẹ́rin fún apá mẹ́rin, ìkarùn-ún fún gíráùndì. Ẹ má fi ojú wo ibi tí súìṣì wà kí ẹ tó so ó. Nígbà tí ọwọ́ ti ọ̀pá sókè, ìdí rẹ̀ lábẹ́ ń lọ sísàlẹ̀, nítorí náà súìṣì ìsàlẹ̀ ni "òkè". Apá òsì àti ọ̀tún náà rí bẹ́ẹ̀. Mo fi mítà sí ipò tó ń dún, mo ti ọ̀pá sí apá kan, mo wá wáyà tó dún, mo kọ orúkọ rẹ̀ sórí ìwé àlẹ̀mọ́, kí n tó so ohunkóhun.

Kí n tó pa ìdí rẹ̀ dé, mo di `S2` mú, mo fi okùn sí kọ̀ǹpútà, mo ṣí `http://192.168.7.1` nínú búráúsà. Pico fúnra rẹ̀ ló ń gbé ojú ìwé yẹn jáde, kò nílò dátà. Ibẹ̀ ni èèyàn ti lè yí ihò padà tàbí yan kónsóòlù. Lẹ́yìn náà ni mo wo bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan nínú ètò ìdánwò páàdì lórí kọ̀ǹpútà. Gbogbo rẹ̀ dáhùn, àfi ọ̀kan tó máa ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì bí mo bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Irin inú rẹ̀ ti jẹ. Mo pààrọ̀ bọ́tìnnì náà. Ó wu àwọn kan kí wọ́n fi ètò dá irú ìtẹ̀ méjì bẹ́ẹ̀ dúró, kí bọ́ọ̀dù máa ní sùúrù díẹ̀ kó tó gbà pé wọ́n tẹ nǹkan. Èmi ò fẹ́ ìyẹn. Sùúrù tí bọ́ọ̀dù bá ní, làágì ni fún ẹni tó ń jà, ìyẹn ìdádúró láàárín ìgbà tí ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ àti ìgbà tí ojú rí i.

Ọjọ́bọ̀

Mo yan PS4 nínú ètò, mo gbé sítíìkì lọ sí Sábọ̀. Ó wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, àwọn ọmọ sì dà bo PS4 kejì. Kò pẹ́ tí ìjà wọ̀ wọ́n lára, sítíìkì dákẹ́ wẹ́lẹ́. Ojú ìwé pé ohun ìdarí ti já kúrò ló yọ sójú tẹlifíṣọ̀n.

"Wáyà ni," Ẹ̀gbọ́n sọ. "Ẹ bá mi wò ó bóyá ó ti yọ."

Mo ní kí wọ́n fà á yọ, kí wọ́n fi í padà, kí n tẹ aago fóònù mi. Ìṣẹ́jú 8 ni, ó já. A tún un ṣe: ìṣẹ́jú 8. Wáyà tó bàjẹ́ kì í mọ aago. Nígbà tí okùn bá mì ló máa ń já. Ó lè já lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá, ó lè fi ọjọ́ méjì ṣe dáadáa. Ohun tó bá já ní ìṣẹ́jú 8 géérégé lórí PS4, ọ̀rọ̀ ìwé ẹ̀rí ni.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. PS4 máa ń gba ohun ìdarí wọlé lójú ẹsẹ̀, lẹ́yìn náà á bi í ní ìbéèrè tó ní ìdáhùn àṣírí. Ohun ìdarí tí Sony fún láṣẹ ní kọ́kọ́rọ́ kan nínú ṣíìpù rẹ̀ tó fi ń fọwọ́ sí ìdáhùn náà. Pico tèmi ò ní kọ́kọ́rọ́ yẹn. PS4 ń ní sùúrù fún un títí ìṣẹ́jú 8 á fi pé, á wá tì í síta. Bí ẹ bá fà á yọ tí ẹ tún fi í padà, sùúrù náà á tún bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń sọ pé sítíìkì wọn "ń ṣiṣẹ́ dáadáa" lórí PS4: eré kúkúrú ni wọ́n ń ta, wọ́n ń yọ ọ́ lẹ́yìn gbogbo eré.

Switch kì í bèèrè irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀, Pico yìí wọ inú rẹ̀ láìsí wàhálà. Xbox ni ó le jù. Láti ayé Xbox 360 ló ti ń bèèrè ìwé ẹ̀rí, láti òpin 2023 ló sì ti ń lé àwọn ohun tí kò ní àṣẹ kúrò pẹ̀lú àmì `0x82d60002` lójú ìwé. Ẹ̀gbọ́n ò ní Xbox, mo sì dúpẹ́.

Ọ̀nà méjì ló wà fún PS4. Èkíní, GP2040-CE lè gba ohun kan tó ní àṣẹ láti ẹnu USB kejì tí a jó mọ́ Pico, kí ohun yẹn máa bá a dáhùn ìbéèrè. Èkejì, a lè fi adápítà kékeré sáàárín sítíìkì àti PS4; adápítà ló máa ní ṣíìpù ìdáhùn, tí yóò sì máa túmọ̀ ohun tí sítíìkì bá sọ. Èkejì ni mo mú. Ilé géèmù ni, ọ̀pọ̀ ọwọ́ ló ń kan sítíìkì náà. Bí nǹkan bá bàjẹ́, adápítà ṣeé fà yọ, mo sì ń lọ ilé mi ní Ìtamágà. Mo yí Pico sí XInput, ìyẹn èdè tí páàdì Xbox 360 ń sọ sí kọ̀ǹpútà, torí pé èyí ni adápítà náà gbọ́. Bí a ti ṣe é báyìí, ìṣẹ́jú 8 kọjá, wákàtí kan kọjá, sítíìkì ò já. Ìkìlọ̀ kan ni mo fún Ẹ̀gbọ́n: nígbà mìíràn tí PS4 bá gba ètò tuntun, adápítà lè dákẹ́ títí ẹni tó ṣe é á fi gbé ètò tuntun tiẹ̀ náà jáde. Kí wọ́n má sáré gba ètò tuntun ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìdíje bá wà.

Ọjọ́ Ẹtì

Adápítà ti dé, ẹjọ́ sì ti dé. Ọmọ kan tó mọ Kazuya, oníjà kan nínú Tekken, ta dáadáa ní sítíìkì náà "ń fà sẹ́yìn", pé adápítà ló ń jẹ àkókò. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Adápítà ń ka nǹkan, ń túmọ̀ rẹ̀, ń tún un sọ. Àwọn tí kò dára lè jẹ ju fírémù kan lọ. Fírémù kan nínú géèmù tó ń yí àwòrán padà nígbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá jẹ́ mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 16.67. Ohun tí ọwọ́ ń rò ni èyí, ojú ò lè mọ̀ ọ́n. Mo bá gbé e wọ̀n.

Ohun tí a nílò kò pọ̀: fóònù tó lè ya fídíò 240 àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá, àti iná pupa kékeré kan. Mo fi rẹsísítọ̀ óòmù 330 àti iná náà tò láàárín `3V3` Pico àti ihò `GP10`. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò tẹ bọ́tìnnì, apá méjèèjì ga, iná ò tàn. Bí bọ́tìnnì bá fa `GP10` lọ sí gíráùndì, iná tàn ní àkókò kan náà tí Pico mọ̀ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ gígùn iná ló máa kọjú sí apá `3V3`. Ẹ má fi iná sáàárín ẹsẹ̀ bọ́tìnnì méjèèjì nìkan, agbára tí ihò Pico fi ń gbé ara rẹ̀ sókè kéré débi pé ẹ ò ní rí nǹkan tó tàn.

Mo gbé iná sí iwájú tẹlifíṣọ̀n, mo ya iná àti àwòrán pọ̀ nínú fídíò kan, mo ń tẹ ẹ̀ṣẹ́ òsì. Lẹ́yìn náà mo ń wo fídíò náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwòrán, láti ìgbà tí iná tàn dé ìgbà tí èjìká Kazuya kọ́kọ́ mì. Àwòrán kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 4.17. Ẹ má gba ìwọ̀n ẹyọ kan gbọ́. Géèmù kì í gba ìtẹ̀ yín títí fírémù tó kàn á fi dé, torí náà ìtẹ̀ méjì tó jọra lè yàtọ̀ ní àwòrán mẹ́rin láìsí pé ohunkóhun bàjẹ́. Ẹ wọ̀n ọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ pín in.

Sítíìkì tó lọ tààrà sí PS4, mo wọ̀n ọ́n kí ìṣẹ́jú 8 tó pé. Ó fún mi ní àwòrán 32, ìyẹn nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 133. Gbogbo rẹ̀ ò sí lórí sítíìkì: iye tí Tekken 7 fúnra rẹ̀ ń jẹ àti iye tí tẹlifíṣọ̀n ń jẹ wà nínú rẹ̀, àwọn ló sì pọ̀ jù. Sítíìkì náà pẹ̀lú adápítà: 33. Àwòrán kan ni ìyàtọ̀, kò tó ìdá mẹ́ta fírémù, kò sì kọjá ohun tí fóònù mi lè ṣì wò. Adápítà ò jẹ̀bi.

Páàdì DualShock 4 ni mo wọ̀n tẹ̀ lé e, ojú àtàǹpàkò ni mo sì ń wò torí mi ò fẹ́ tú u, nítorí náà ẹ fi àwòrán méjì yọ̀ǹda fún mi. Kò yàtọ̀ sí sítíìkì. Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró wò ni èyí: ọ̀pọ̀ èèyàn ń fi okùn sí páàdì PS4, wọ́n sì rò pé okùn ló ń gbé ìtẹ̀ wọn. Rárá. Bí ẹ kò bá yí i padà, iná nìkan ni okùn ń gbé, bulutúùtù ló ṣì ń sọ̀rọ̀. Ibi tí ẹ ti máa yí i padà ni `Settings > Devices > Controllers > Communication Method`, kí ẹ yan `Use USB Cable`. Bulutúùtù DualShock 4 ò lọ́ra nínú yàrá tó dákẹ́. Inú ilé géèmù ló ti ń ṣòro, níbi tí páàdì mẹ́jọ, fóònù àti Wi-Fi ti ń jà lórí ìgbì 2.4 GHz kan náà. Ìtẹ̀ kan á dé ní àsìkò, òmíràn á pẹ́.

Èyí ṣe pàtàkì ju iye làágì lọ. Ẹ̀ṣẹ́ iná Kazuya, iwájú, fi sílẹ̀, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀-iwájú pẹ̀lú ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, ń fẹ́ kí ìsàlẹ̀-iwájú àti ẹ̀ṣẹ́ bọ́ sínú fírémù kan ṣoṣo. Làágì tó dúró lójú kan ò ní ba èyí jẹ́, torí méjèèjì ló máa pẹ́ bákan náà. Bó bá pẹ́ fún ọ̀kan tí kò pẹ́ fún èkejì, iná ò ní tàn. Nítorí náà ni mo ṣe ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n fi okùn ta Kazuya.

Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ò purọ́. Ohun kan ń fà sẹ́yìn. Tẹlifíṣọ̀n ara ògiri tí sítíìkì wà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí mo ti wọ̀n ọ́n. Mo lọ gbé iná pupa mi síwájú rẹ̀. Àwòrán 50. Mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 208. Ó fi 18 ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn mílísẹ́kọ́ọ̀ndì 75, fírémù mẹ́rin àbọ̀. Mo ṣí ètò àwòrán rẹ̀, mo bá a ní ipò tó ń tan àwọ̀, tó ń mú ìrìn bọ́ọ̀lù dẹ̀. Irú tẹlifíṣọ̀n bẹ́ẹ̀ máa ń gbé àwòrán dúró láti ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kó tó gbé e jáde. Mo yí i sí ipò géèmù. Mo tún wọ̀n ọ́n: 33.

Ẹ̀gbọ́n wo fídíò náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Torí bọ́ọ̀lù ni mo ṣe yí i síbẹ̀ o, kó lè dán."

Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹnu HDMI kọ̀ọ̀kan lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn ló ní ètò tirẹ̀. Ẹnu tí PS4 wà ni ká fi sí ipò géèmù, kí ti dékódà bọ́ọ̀lù máa dán lọ. Inú wọn dùn sí ìyẹn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta

Ohun díẹ̀ ló kù. Okùn tó wà lára sítíìkì kúrú, àwọn ọmọ sì fẹ́ jókòó jìnnà sí ògiri. Mítà 5 ni òpin okùn USB 2.0 lápapọ̀, mo fi mítà 3 tó nípọn sí i, mo so ó mọ́ inú àpótí kí ẹni tó bá fẹsẹ̀ kọ́ ọ má fa Pico ya. Mo yọ iná pupa kúrò, mo pa ìdí rẹ̀ dé.

Ẹ̀gbọ́n tún bi mí nípa PS5 tó wà nílé wọn, bóyá sítíìkì náà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Pẹ̀lú géèmù PS4 lórí PS5, bẹ́ẹ̀ ni, adápítà yẹn yóò bá wọn ṣe é. Fún géèmù PS5 gan-an, Sony ò gba DualShock 4, ṣùgbọ́n ó fàyè gba sítíìkì PS4 tó ní àṣẹ. Street Fighter 6 wà lára àwọn tó gbà á. Ohun tó yẹ kí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń ta adápítà ni bóyá ó ń fara hàn sí kónsóòlù bíi páàdì tàbí bíi sítíìkì, torí páàdì ni PS5 máa lé. Tèyí tó wà lára PS4 wọn báyìí, bíi páàdì ló ń fara hàn. Wọ́n ní àwọn á máa lo páàdì PS5 nílé títí àwọn á fi rí òmíràn.